Ìwé Síkáànì Méjì, Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Kan: Ohun Tí Síkáànì Ọ̀sẹ̀ Kejìlá àti Ti Ogún Ọ̀sẹ̀ Lè Sọ, àti Ibi Tí Ẹnu Wọn Kò Tó

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí tí mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí. Aláboyún á kó ìwé síkáànì méjì tàbí mẹ́ta jáde nínú báàgì, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó wà lórí ọ̀kan á yàtọ̀ sí ti èkejì, á sì béèrè lọ́wọ́ mi pé èwo ni kí òun dì mú. Ọ̀pọ̀ wọn ti dì í mú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi: èyí tí wọ́n gbà gbẹ̀yìn ni wọ́n mú, nítorí wọ́n gbà pé bí oyún bá ṣe ń dàgbà ni ẹ̀rọ á túbọ̀ máa mọ ọjọ́ rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ka "kò sí àléébù tí a rí" sí "ọmọ náà kò ní àléébù kankan", bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Màá fi ìwé obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Oyún rẹ̀ kò ní wàhálà ńlá kankan nínú, síbẹ̀ ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé síkáànì fẹ́ ṣì í lọ́nà.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ ní káàdì aláboyún yín lọ́wọ́, kàlẹ́ńdà kan, bírò, àti gbogbo ìwé síkáànì tí ẹ ti ṣe láti ìgbà tí ẹ ti lóyún, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò wúlò mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù tí ẹ rí kẹ́yìn sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mò ń wí, kì í ṣe ọjọ́ tó dá. Ẹ tún kọ iye ọjọ́ tó máa ń wà láàárín nǹkan oṣù kan àti èyí tó tẹ̀lé e, nítorí ibẹ̀ ni ìṣirò àwọn kan ti ń daru. Lórí ìwé síkáànì, ìkékúrú ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ gbọ́dọ̀ dá mọ̀: `LMP` ni ọjọ́ nǹkan oṣù tí ẹ rí kẹ́yìn, `GA` ni ọjọ́ orí oyún, `CRL` ni gígùn ọmọ láti àtàrí dé ìdí, `EDD` sì ni ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí wọ́n dá.

1. Ẹ mú ọjọ́ síkáànì àkọ́kọ́ kó má bàa kọjá

Láti ọ̀sẹ̀ 11 títí dé ọ̀sẹ̀ 13 àti ọjọ́ 6 ni ó yẹ kí síkáànì yìí bọ́ sí. Nígbà yìí, gbogbo ọmọ ń dàgbà ní ìwọ̀n kan náà, yálà ìyá rẹ̀ ga tàbí ó kúrú, yálà bàbá rẹ̀ jẹ́ òmìrán tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn ọmọ láti àtàrí dé ìdí lè sọ ọjọ́ orí oyún, kí àṣìṣe rẹ̀ má sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 14, ọmọ á ti máa ká ara rẹ̀ kò, á sì máa na ara, ìwọ̀n àtàrí dé ìdí kò ní ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tí ọmọ jogún àti oúnjẹ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn ọmọ tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà yàtọ̀ síra ní títóbi.

Obìnrin tí mò ń wí yìí rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2025. Lójú ìṣirò yẹn, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni oyún rẹ̀ máa pé ọ̀sẹ̀ 12. Ó ní ọjà ló dí òun lọ́wọ́, kò lọ títí di ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13 géérégé. Ó ṣì bọ́ sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kùnà níhìn-ín ni pé wọ́n ń dúró dìgbà tí oyún bá yọ kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀. Ìgbà tí ó bá yọ tí aládùúgbò ti mọ̀, ọjọ́ tó ṣeé wọ̀n dáadáa ti lọ nìyẹn. Ẹni tí kò bá sì rántí ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ rárá ni kò gbọdọ̀ dúró jù lọ, nítorí síkáànì yìí nìkan ni yóò jẹ́ kàlẹ́ńdà fún un.

Ní ti omi, ẹ mu píọ̀ wọ́tà kan sí méjì ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ má sì tọ̀ kí wọ́n tó pè yín. Àpò ìtọ̀ tó kún máa ń gbé ilé ọmọ sókè, á sì jẹ́ kí wọ́n rí inú rẹ̀ kedere. Bí ilé ọmọ yín bá tẹ̀ sẹ́yìn, tàbí tí ìju wà nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ sanra ní ìdí ikùn, wọ́n lè ní àwọn fẹ́ gba ojú ara wo ọmọ pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Kì í pa ọmọ lára, kì í sì í bà oyún jẹ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti yọrí:* ẹ ka ọjọ́ láti ọjọ́ nǹkan oṣù dé ọjọ́ síkáànì. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín ọjọ́ 77 sí 97. Ti obìnrin wa jẹ́ ọjọ́ 91.

2. Ẹ mọ ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ síkáànì ọ̀sẹ̀ kejìlá

Ohun márùn-ún ni síkáànì yìí lè sọ tó sì máa ń sọ dáadáa: pé oyún wà nínú ilé ọmọ, pé ọkàn ọmọ ń lù, iye ọmọ tó wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wọn, àti bóyá àléébù ńláńlá kan wà tó hàn gbangba, bíi kí eegun agbárí má sí rárá, tàbí kí ara iwájú ikùn má padé. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì máa ń hàn pẹ̀lú.

Níbi iye ọmọ, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, nítorí ìbejì kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Bí wọ́n bá rí ọmọ méjì, ìbéèrè tó kàn kì í ṣe akọ tàbí abo. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé, ṣé ibi ọmọ kan ni wọ́n jọ ń jẹ, tàbí oníkálukú ló ní tirẹ̀? Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹni tó ń yàwòrán lè mọ èyí nípa wíwo ibi tí awọ tó pààlà láàárín àwọn ọmọ náà ti pàdé ibi ọmọ. Bí ibẹ̀ bá nípọn tó sì rí bí orí òkè kékeré, ibi ọmọ méjì ni. Bí awọ náà bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì dúró ṣánṣán, wọ́n jọ ń pín ọ̀kan ni. Àwọn tó ń pín ọ̀kan lè máa fa ẹ̀jẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí ọ̀kan rù kí èkejì sì kún jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ọ̀sẹ̀ 16. Tí ẹ bá dúró di ogún ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó ṣe síkáànì àkọ́kọ́, àmì yìí lè ti parẹ́.

Ohun tí kò lè sọ pọ̀. Kò lè sọ akọ tàbí abo kí ẹ gbà á gbọ́, nítorí ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ohun tó máa di ojú ara ọmọ ọkùnrin àti ti obìnrin ṣì fara jọra gan-an. Ẹni tó bá sọ fún yín lọ́jọ́ náà ń méfò ni, kódà bí èfò rẹ̀ bá bọ́ sí i. Kò lè tú inú ọkàn wò yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ọkàn náà kéré jù. Ó lè má rí àlàfo kékeré lára eegun ẹ̀yìn. Kò sì lè sọ pé ibi ọmọ ti di ẹnu ilé ọmọ, nítorí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ kò tíì nà. Ní àwọn ibì kan, wọ́n máa ń wọn omi tó wà lábẹ́ awọ ẹ̀yìn ọrùn ọmọ, kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ọmọ ní àrùn Dáùn, àrùn àbímọ́ni tó máa ń mú kí òye ọmọ falẹ̀. Bí ó ṣe ṣeé ṣe tó ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe àrùn náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún ìwọ̀n yìí.

Nínú ìwé obìnrin wa, `CRL` jẹ́ mìlímítà 48, ọkàn ń lù, ọmọ kan ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ gbólóhùn kan tó gbé e lọ́kàn sókè: wọ́n ní kókó kékeré kan wà níbi tí okùn ìwọ́ ti wọ ikùn ọmọ. Ó ti pe ìyá rẹ̀ ní Oǹdó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìyá ti ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìwé yín gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n àtàrí dé ìdí tí wọ́n kọ ní mìlímítà tàbí sẹ̀ǹtímítà, kì í ṣe ọjọ́ ìkúnlẹ̀ lásán. Tí ìwọ̀n náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà lọ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí dókítà mìíràn kò lè fi ọjọ́ lásán yẹ iṣẹ́ wọn wò.

3. Ẹ yan ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sára káàdì

Ìpele yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé. Oyún jẹ́ ọjọ́ 280 láti ọjọ́ nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, tí nǹkan oṣù bá ń wá ní ọjọ́ 28-28. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ obìnrin wa á jẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gùn ní mìlímítà 48 láti àtàrí dé ìdí kì í ṣe ọmọ ọ̀sẹ̀ 13. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 11 àti ọjọ́ 4 ni. Bí ẹ bá ka ọjọ́ tó kù síwájú láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ni ẹ máa bọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìyàtọ̀ náà.

Òfin tí àwọn dókítà aláboyún ní Amẹ́ríkà ń lò ni pé, láàárín ọ̀sẹ̀ 9 sí ọ̀sẹ̀ 13 àti ọjọ́ 6, bí ìyàtọ̀ bá ju ọjọ́ 7 lọ, ti síkáànì ni kí ẹ mú. Bí kò bá ju ọjọ́ 7 lọ, kí ẹ fi ti nǹkan oṣù sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ará Bìrìtéènì kì í tilẹ̀ wo ìyàtọ̀, ti síkáànì ni wọ́n ń mú. Èyíkéyìí tí dókítà yín bá ń tẹ̀ lé, ọjọ́ mẹ́wàá ju méje lọ, nítorí náà ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ló wọ káàdì.

Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Nígbà tí mo bi í, ó ní ọjọ́ 38 ni nǹkan oṣù òun máa ń gbà kó tó padà wá. Ẹyin obìnrin kì í jáde ní ìdajì oṣù fún gbogbo ènìyàn. Ó máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó kàn tó dé. Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 38, nǹkan bí ọjọ́ 24 ni, kì í ṣe ọjọ́ 14. Ọjọ́ mẹ́wàá náà nìyẹn. Obìnrin náà kò ṣi ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ rántí. Ìṣirò ọjọ́ 28 ni kò bá ara rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí kókó ẹ̀gbẹ́ okùn ìwọ́. Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, ìfun ọmọ kò tíì rí àyè tó nínú ikùn rẹ̀, apá kan rẹ̀ á wà nínú okùn ìwọ́, á sì padà wọlé nígbà tó bá yá. Fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 11 àti ọjọ́ 4, ohun tó yẹ kí wọ́n rí gan-an ni wọ́n rí. Ká ní ọmọ ọ̀sẹ̀ 13 ni lóòótọ́, ó máa jẹ́ ohun tó ń fẹ́ ìwádìí. Ẹ rí i pé ọjọ́ orí tí a bá gbà ló ń sọ bí a ṣe máa túmọ̀ àwòrán kan náà. Wọ́n ní kó padà wá ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ 13 àti ọjọ́ 4, ìfun náà sì ti wọlé pátápátá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ojú káàdì yín gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kan ṣoṣo tí a fi bírò kọ, pẹ̀lú ohun tí a fi mú un wà níwájú rẹ̀, fún àpẹẹrẹ:

```
EDD 23/10/2025 (CRL 48 mm, 07/04/2025)
```

Bí ọjọ́ méjì bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí agbẹ̀bí fa ìlà sí ọ̀kan lójú yín.

4. Síkáànì ogún ọ̀sẹ̀: ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22 ni àkókò rẹ̀. Láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí ẹ ti yàn ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ nǹkan oṣù mọ́. Obìnrin wa lọ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 20 àti ọjọ́ 4. Àpò ìtọ̀ kò gbọdọ̀ kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Àpò tó kún jù máa ń tẹ ìsàlẹ̀ ilé ọmọ pọ̀, ó sì lè jẹ́ kí ibi ọmọ tí kò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà dà bíi pé ó ti dí i.

Níbí yìí ni síkáànì olówó pọ́ọ́kú ti ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Mo ti rí ìwé tí gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ju fífẹ̀ orí, gígùn eegun itan, ọjọ́ ìkúnlẹ̀, àti akọ tàbí abo lọ. Ìwé yẹn wọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò wo ọmọ. Iṣẹ́ wíwo ọmọ ní ogún ọ̀sẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ìdajì wákàtí, nítorí ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpọlọ, kó wo ètè bóyá ó pín, kó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọkàn àti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń jáde nínú rẹ̀, kó tún wo àpò oúnjẹ, ibi tí okùn ìwọ́ ti wọ ikùn, kídìnrín méjèèjì, àpò ìtọ̀, eegun ẹ̀yìn láti ọrùn dé ìdí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kó tó wá wo ibi ọmọ àti omi tó yí ọmọ ká. Ẹni tó bá parí gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún kò wò ó.

Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa wo ẹ̀yà ara ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀?" Bí wọ́n bá ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ àti akọ tàbí abo nìkan ni àwọn ń ṣe, ẹ ní kí agbẹ̀bí yín kọ ìwé tó máa gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní ẹ̀ka àwòrán.

Ẹ tún kọ́ láti ya gbólóhùn mẹ́ta sọ́tọ̀. "A rí i, ó dára" jẹ́ ọ̀kan. "A rí i, a kò fọkàn balẹ̀ sí i" jẹ́ èkejì. Ẹ̀kẹta ni "a kò rí i dáadáa", òun ni àwọn ènìyàn sì máa ń fojú fo. Obìnrin wa ní ẹ̀kẹta yẹn: ọmọ dojú bolẹ̀, ó gbé apá bo ẹnu, wọn kò rí ètè. Wọ́n ní kó rìn yíká fún ogún ìṣẹ́jú, kó mu nǹkan tútù, kó padà wá. Nígbà tó padà, ọmọ ti yí, ètè sì hàn ní odindi. Ká ní ó ti ń kánjú padà sí ọjà, inú ìwé rẹ̀ á kàn wà pé wọn kò rí ètè, òun á sì ti sọ fún gbogbo ilé pé gbogbo rẹ̀ dára.

Ní ti akọ tàbí abo, ogún ọ̀sẹ̀ ni ó ti máa ń hàn dáadáa bí ọmọ bá la ẹsẹ̀. Bí kò bá là á, kò sí owó tí ẹ lè san tí á fi là á. Bí orí ọmọ bá wà lókè ní ogún ọ̀sẹ̀, ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù ba ara yín, ọmọ ń yí padà lójoojúmọ́ nígbà yẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi ìka tọ àwọn orúkọ ẹ̀yà ara lórí ìwé. Ọpọlọ, ètè, ọkàn, ikùn, kídìnrín, eegun ẹ̀yìn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ibi ọmọ: kí ọ̀rọ̀ kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

5. Ohun tí àwòrán tó mọ́ jù lọ kò lè rí

Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù ní Àkúrẹ́ ni ti fòníkú-fọ̀ladìde. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ `AS` á béèrè bóyá síkáànì fi hàn pé ọmọ kì í ṣe `SS`. Kò lè fi hàn, ní ọ̀sẹ̀ kejìlá tàbí ní ogún ọ̀sẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà wà, ẹ̀yà ara ọmọ sì máa rí bíi ti ọmọ mìíràn lójú ẹ̀rọ. Àyẹ̀wò tó lè sọ ọ́ kí ọmọ tó wáyé ni èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba díẹ̀ lára ibi ọmọ tàbí omi tó yí ọmọ ká. Dókítà tó mọ iṣẹ́ náà ló ń ṣe é, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣàlàyé pé ewu díẹ̀ wà pé oyún lè bàjẹ́.

Síkáànì kò lè fi àrùn Dáùn hàn dájú, kò sì lè yọ ọ́ kúrò. Àmì kan lè hàn lára àwọn ọmọ kan, ọ̀pọ̀ tó ní in kì í sì í ní àmì kankan ní ogún ọ̀sẹ̀. Kò lè sọ bóyá ọmọ á gbọ́ran, bóyá á ríran, tàbí bí òye rẹ̀ á ṣe rí. Ihò kékeré láàárín yàrá ọkàn lè pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹran òkè ẹnu tó pín nínú nígbà tí ètè kò pín. Ó tún ní àwọn ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ní ogún ọ̀sẹ̀: ìfun tó dí lápá òkè lè hàn nígbà tó bá yá nìkan, irú àìga kan wà tí eegun rẹ̀ kì í kúrú títí ogún ọ̀sẹ̀ á fi kọjá, ọmọ tí kò ní dàgbà bó ṣe yẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 30 sì lè jẹ́ ìwọ̀n tó dára gan-an ní ogún ọ̀sẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìwé síkáànì tó dára kò dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí inú bá ń ro yín gan-an, bí omi bá da, tàbí tí ọmọ tó ti ń mira kò mira mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kódà bó bá jẹ́ àná ni ẹ ṣe síkáànì.

6. Bí wọ́n bá ní ibi ọmọ wà nísàlẹ̀

Ìwé obìnrin wa ti oṣù Kẹfà sọ pé ibi ọmọ jìnnà sí ẹnu ilé ọmọ ní mìlímítà 12. Tí kò bá tó mìlímítà 20, wọ́n á ní ó wà nísàlẹ̀. Èyí kì í ṣe ìdájọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n á fi gbé ọmọ jáde. Apá ìsàlẹ̀ ilé ọmọ máa ń nà bí oyún ṣe ń dàgbà, ibi ọmọ tó so mọ́ ara rẹ̀ á sì máa bá a lọ sókè, kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló ń kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé yóò kúrò, kí ẹ wá lọ jókòó: síkáànì kan gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ 32 láti wò ó. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde fún rí ni kò gbọdọ̀ pa á jẹ rárá, nítorí ibi ọmọ lè wọ inú àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ náà, kó sì kọ̀ láti jáde nígbà ìbí.

Ẹ tún sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbẹ̀bí yín, yálà ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, pé ibi ọmọ yín wà nísàlẹ̀, kí ó má fi ìka wọ inú yín láti yẹ ẹnu ọ̀nà wò títí síkáànì á fi sọ pé ó ti kúrò. Ìka yẹn lè ṣí ẹ̀jẹ̀ tí kò ní dá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ 32 sára káàdì kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Ti obìnrin wa jẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ. Nígbà tó lọ, ibi ọmọ ti jìnnà ní mìlímítà 38.

7. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé kejì àti ìkẹta yí ọjọ́ padà

Ẹ̀rọ kì í mọ̀ pé ẹ ti ṣe síkáànì tẹ́lẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wọn orí, ikùn àti eegun itan, á ṣírò ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tuntun, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìbìkítà fún ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ìwọ̀n ọmọ obìnrin wa jọ ti ọ̀sẹ̀ 19 àti ọjọ́ 5, ẹ̀rọ sì kọ ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, ó jọ ti ọ̀sẹ̀ 31 àti ọjọ́ 2, ẹ̀rọ kọ ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá. Ìyàtọ̀ ọjọ́ díẹ̀ báyìí kò jẹ́ nǹkan kan, nítorí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ 32 lè yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohun tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí àìsàn kankan.

Kí ló burú nínú yíyí i padà nígbà náà? Ẹ wo ọmọ mìíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ jọ ti ọ̀sẹ̀ 28 ní ọjọ́ tí ó pé ọ̀sẹ̀ 32. Bí ẹ bá dúró lórí ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọmọ yìí ń rù nínú, dókítà á sì ṣe ohun tó yẹ. Bí ẹ bá gbé ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sún síwájú ní oṣù kan, ọmọ náà á di ọmọ ọ̀sẹ̀ 28 tó dára, ebi á sì máa pa á nínú bẹ́ẹ̀. Láti ìhà kejì, ìlànà púpọ̀ ní kí wọ́n fún ìyá ní ìrànlọ́wọ́ láti rọbí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 41. Fún obìnrin wa, ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá nìyẹn. Ká ní ó ti mú ọjọ́ inú ìwé oṣù Kẹfà, ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ni wọn ì bá máa retí, oyún ì bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 42.

Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ lè lo síkáànì ogún ọ̀sẹ̀ fún ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni bí ti àkọ́kọ́ kò bá sí rárá. Nígbà náà, ẹ fi òun wé ọjọ́ nǹkan oṣù, kí ẹ sì mú ti síkáànì bí ìyàtọ̀ bá ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ to gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀, ti ara káàdì kò gbọdọ̀ tíì yí padà.

Obìnrin wa bí ọmọbìnrin ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ tí ìwé kẹta kọ gan-an. Ó gbé ìwé náà wá hàn mí nígbà ìkómọjáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ló borí yín o." Mo ka káàdì fún un: ọ̀sẹ̀ 40 àti ọjọ́ 5.